Túsìdeè Kejì: Èwo Nínú Méjì?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé gbogbo Túsìdeè kejì ni ìpàdé yóò máa wáyé. Àwọn kan gbọ́ ọ pé bí a bá ṣe é ní Túsìdeè yìí, a ó fo tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sì tún ṣe é lọ́sẹ̀ kejì. Lójú àwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, ní Túsìdeè tó ṣìkejì nínú oṣù. Kí a tó fi í sínú kàlẹ́ńdà fóònù, a gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

iCalendar ni ìlànà tí kàlẹ́ńdà orí fóònù àti ti kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́ ara wọn yé. RFC 5545, tó jáde ní ọdún 2009, ló to òfin rẹ̀. RRULE ni ìlà tó ń sọ bí nǹkan yóò ṣe máa padà wáyé. DTSTART sì ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí a bá ń fo ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí a ó kọ nìyí:

```
DTSTART;VALUE=DATE:20260113
RRULE:FREQ=WEEKLY;INTERVAL=2;BYDAY=TU
```

WEEKLY ní ọ̀sẹ̀ ni ká fi kà á; INTERVAL=2 ní kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì; TU sì ni Túsìdeè. Tó bá jẹ́ ti oṣooṣù ni, ìlà kejì yóò yí padà:

```
RRULE:FREQ=MONTHLY;BYDAY=2TU
```

Níbí, 2 ti lẹ̀ mọ́ TU, ipò Túsìdeè náà nínú oṣù ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 2026. Ìlà ọ̀sẹ̀ méjì-méjì yóò mú ọjọ́ 13 àti 27 oṣù kìíní, 10 àti 24 oṣù kejì, 10 àti 24 oṣù kẹta. Ti oṣooṣù yóò mú ọjọ́ 13, 10 àti 10. Gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ló wà nínú ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹni tó bá ń wá sí ìpàdé oṣooṣù lè má fura fún oṣù mẹ́ta. Oṣù kẹrin ni wọ́n yapa pátápátá: ọ̀kan mú ọjọ́ 7 àti 21, èkejì mú 14. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa wo ọjọ́ oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ tó fọkàn balẹ̀.

DTSTART náà ní agbára. Bí akọ̀wé bá kọ ọjọ́ 6 oṣù kìíní, ìlà àkọ́kọ́ yóò bọ́ sí 6 àti 20, gbogbo ọjọ́ tó kù yóò sì sún. Ọjọ́ 6 kì í ṣe Túsìdeè kejì, kò sì bá ìlà oṣooṣù mu. Òfin náà kò sọ ohun tí kàlẹ́ńdà yóò ṣe sí irú rẹ̀, nítorí náà kàlẹ́ńdà méjì lè fún wa ní èsì méjì.

Ẹ tún kíyè sí ọjà ọrún-ọrún. Bí a bá ná an ní Mọ́ńdè, Fúráìdè la ó tún ná an: a ka Mọ́ńdè mọ́ ọn, ó di ọjọ́ márùn-ún. iCalendar kì í ka ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mẹ́rin la ó kọ:

```
RRULE:FREQ=DAILY;INTERVAL=4
```