Ọ̀pá Tó Wọ́, Ìwé Tó Tọ́

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pariwo láìfi ẹ̀rí hàn, ìdáhùn tí olùtajà orí ẹ̀rọ ayélujára sábà máa ń fún un ni pé kí ó lọ de nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ra pírítà tó ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan ní ìpele ìpele, tí gáńtìrì rẹ̀ sì wọ́ kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Gáńtìrì ni ọ̀pá álúmínìọ̀mù tó dábùú láàárín òpó méjì, tí imú tó ń tú ike jáde ń rìn lórí rẹ̀ lọ sí ọ̀tún àti òsì.

Kí olùrà tó kọ lẹ́tà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ̀pá náà wọ́ ni tàbí ó kàn fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé méjèèjì jọra lójú, ìtọ́jú wọn kò sì jọra rárá. Rúlà irin tó gùn ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Kí ó gbé e dúró lórí etí òkè ọ̀pá náà, kí ó má kan bẹ́líìtì, kí ó sì tan iná sẹ́yìn rẹ̀. Bí rúlà bá jókòó pẹ́kípẹ́kí láti ìkángun dé ìkángun, tí ìkángun kan sì jìnnà sí férémù ìsàlẹ̀ ju èkejì lọ, ọ̀pá fì lásán ni, títún nọ́ọ̀tì àwọn táyà kéékèèké rẹ̀ ṣe yóò sì tọ́ ọ. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí rúlà bá kan ìkángun méjèèjì, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ láàárín, ọ̀pá ti tẹ̀. Kí ó tún dojú rúlà kodò, kí ó fi etí kejì rẹ̀ wọ̀n ọ́n: bí àlàfo náà bá ṣì wà bákan náà, rúlà kọ́ ló wọ́.

Ká ní olùrà kan ní Ìbàdàn wọ̀n ọ́n báyìí, tí bébà ìtẹ̀wé méjìlá sì wọ àlàfo àárín náà kí ó tó há. Bébà kan nípọn tó nǹkan bí 0.1 mìlímítà, nítorí náà ọ̀pá tẹ̀ ní nǹkan bí 1.2 mìlímítà. Ìpele ike kan sábà máa ń jẹ́ 0.2 mìlímítà, èyí tó fi hàn pé bí ìjìnnà imú sí pẹpẹ bá tọ́ ní ìkángun, ìpele mẹ́fà ni yóò fi rì jù ní àárín, tí yóò sì máa ha pẹpẹ. Iye yìí ni ọkàn lẹ́tà, kì í ṣe ìbínú.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, olùtajà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí a ṣí páálí; àwòrán ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kí a ya ibi tí páálí ti tẹ̀ wọlé, fóòmù tó fọ́, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, àti rúlà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó yọ lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi òòlù tàbí ọwọ́ gbìyànjú láti tọ́ ọ̀pá náà, nítorí pé àpá tí ìyẹn bá fi sílẹ̀ ni olùtajà yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Lẹ́tà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn. Báyìí ni ti ará Ìbàdàn yìí lè rí: “Ẹ̀rọ tí ẹ fi ránṣẹ́, tí nọ́ńbà rírà rẹ̀ wà lókè yìí, dé lánàá. Gáńtìrì rẹ̀ tẹ̀ ní nǹkan bí 1.2 mìlímítà láàárín, ìkángun méjèèjì sì dọ́gba, nítorí náà títún nọ́ọ̀tì ṣe kò lè wò ó. Àwòrán mẹ́rin wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rán ẹni tí yóò gbé èyí padà láàárín ọjọ́ méje.” Gbólóhùn nípa nọ́ọ̀tì yẹn ló níye lórí jù, torí pé ó ti dáhùn kí olùtajà tó béèrè.

Olùtajà lè fẹ́ fi ọ̀pá nìkan ránṣẹ́. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n agbára tó tẹ álúmínìọ̀mù lè ti kan òpó àti ọ̀pá oníyíyí tó ń gbé gáńtìrì sókè, nítorí náà ẹ̀rọ odindi ló yẹ kí olùrà dúró lé. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ta ọjà alábùkù fún, àmọ́ ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn: ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé tàbí ọjọ́ kejì ni kí lẹ́tà lọ. Títí ìdáhùn yóò fi dé, kí ẹ̀rọ náà wà nínú páálí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì so ó mọ́ iná mànàmáná.