Ẹ Má Kọ "Ilẹ̀ Gbígbẹ" Lásán

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ta ilé tàbí ilẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kò lè fi ojú rí, tí kò lè fi rùlá wọ̀n, tí kò sì lè rí nínú ìwé polówó ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tà. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ́ńtì ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, mo sì ti jẹ̀bi ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ yìí rí.

Ilé kan ló wà lẹ́yìn Mọ́níyà tí wọ́n ní kí n bá àwọn tà. Ohun tí mo kọ sórí Wáásáàpù ni pé: "Ilé arẹwà oníyàrá mẹ́ta, ilẹ̀ gbígbẹ, àdúgbò tó tòrò, ìtòsí títì, ìwé pé." Láàárín ọjọ́ méjì, èèyàn 14 ti pè mí. Mọ́kànlá wá wò ó, kò sì sẹ́ni tó rà á. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn ni ìyá àgbà kan. Kò tilẹ̀ wo yàrá kankan. Ìdí fẹ́ǹsì ló lọ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà pupa rúsúrúsú kan tó lọ gbọọrọ lára ògiri, níbi tó tó orúnkún rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ibi tí omi dé rèé, tí o pè ní ilẹ̀ gbígbẹ?"

N kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo lọ wo ilé náà, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ Ìbàdàn gbẹ táútáú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlú tí omíyalé Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù Ògún 1980 ṣọṣẹ́ nínú rẹ̀ ni tiwa, tí òmíràn tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún 2011. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lọ́dọ̀ wa kò bi wá léèrè bóyá ilẹ̀ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó ń bi wá ni ibi tí omi ń dé nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun nípa omi, ẹ lọ bi àwọn ará ilé àti aládùúgbò. Tí òjò ńlá bá rọ̀ lóṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, níbo ni omi ń dúró sí? Wákàtí mélòó ni kí ó tó fà? Ẹ yọjú sí kànga wọn: bí omi rẹ̀ bá ń súnmọ́ ẹnu kànga lásìkò òjò, tó fi ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbẹ, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ jọ. Ẹ ka kóòṣì búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò kí ó tó da jámánì flóò. Kóòṣì mẹ́fà ti búlọ́ọ̀kù onínáìnì ínńṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó ń náwó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀ láìnídìí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí: bí ilẹ̀ bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá ìsàlẹ̀ ilé á ní kóòṣì púpọ̀ bí omi kankan kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Ìdí rèé tí àmì omi lára ògiri àti ẹ̀rí aládùúgbò fi gbọ́dọ̀ bá a mu.

"Púlọ́ọ̀tì kan" náà jọ ọ̀rọ̀ pàtó, kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á pe ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ní púlọ́ọ̀tì, ẹlòmíràn á pe 50 sí 100 bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti èkejì àti ìdajì rẹ̀. Ẹ kọ ìbú àti gígùn, kí oníbàárà lè gbé rùlá rẹ̀ dání.

Èyí tó ń ba ọ̀pọ̀ ọjà jẹ́ jù ni "ìwé pé". Ìwé wo? Rìsíìtì ẹbí yàtọ̀ sí ìwé àdéhùn tí agbẹjọ́rò kọ, èyí náà sì yàtọ̀ sí sí-ọ́fù-ó tí gómìnà ń fún èèyàn lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978. Sọ̀fè fúnra rẹ̀ kò sọ pé ẹnikẹ́ni ló ni ilẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó ló ń fi hàn, òun náà ni wọ́n sì fi ń wádìí ní ọ́fíìsì sọ̀fiyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ dárúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì sọ èyí tí kò sí. Ìwé tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀, bí irú ti Agodi, máa ń ní nọ́ńbà, ojú ewé àti ìdìpọ̀. Mẹ́ta yìí ni agbẹjọ́rò oníbàárà máa fi wá a jáde níbẹ̀.

Ní ti iná, ẹ má kọ "iná dáadáa". Ẹ kọ bándì tí ilé wà: wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́ ni bándì A, wákàtí 4 ni bándì E.

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà yẹn lọ, mo padà síbẹ̀, mo wọn ilé, mo bi aládùúgbò mẹ́ta léèrè ọ̀rọ̀, mo sì tún un kọ báyìí:

"Ilé oníyàrá 3 lẹ́yìn Mọ́níyà. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Yàrá tó tóbi jù jẹ́ 12 sí 14, èyí tó kéré jù jẹ́ 10 sí 10. Láti títì ọlọ́dà dé géètì jẹ́ mítà 650, ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ ni, ọkọ̀ kékeré kì í fẹ́ wọ̀ ọ́ bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Lásìkò òjò, omi ń dé orúnkún lẹ́yìnkùlé, ó ń tó wákàtí 3 kó tó fà. Kò wọ yàrá rí, kóòṣì 6 ló wà lábẹ́ ilé. Ìwé tó wà: rìsíìtì ẹbí, ìwé àdéhùn, àti sọ̀fè tó ti wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ sọ̀fiyọ̀ àgbà. Kò tíì ní sí-ọ́fù-ó."

Èèyàn mẹ́rin péré ló pè. Méjì wá, ọ̀kan nínú wọn sì mú bíríkìlà dání, ó ní òun fẹ́ mọ iye tí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé yóò jẹ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lójú wa, onílé yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé, oníbàárà náà sì rà á. Ẹni tó mọ àléébù ilé kó tó wọkọ̀ kì í bínú padà nígbà tó bá rí i.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ má ṣe gbé síta, ìyẹn ni fọ́tò ìwé fúnra rẹ̀. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ta ilẹ̀ onílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Irú ìwé tó wà ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà sọ̀fè, ojú ewé àti ìdìpọ̀ dọwọ́ agbẹjọ́rò oníbàárà, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti wá fojú ara rẹ̀ rí ilé.