Kí Ẹ Tó Gba Mánéjà, Ẹ Béèrè Iye Tó Lè Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba òṣìṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́, láti Mgbuoba títí dé Trans-Amadi àti Onne, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ipò tó wà lórí sífíì bá yín ṣe ìdájọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá: iye èèyàn tó ń jíyìn fún ẹni náà, iye owó tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, àti ibi tí àṣẹ rẹ̀ ti dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Port Harcourt gan-an. Òfin ọdún 2010, èyí tó ń fi ọmọ Nàìjíríà ṣáájú nínú iṣẹ́ epo rọ̀bì àti gáàsì, sọ pé àwọn àjèjì kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ ní ipò mánéjà. Ó tún ní kí ọmọ Nàìjíríà máa kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjèjì tó wà nípò, fún ọdún 4 ó pẹ́ jù. Òfin rere ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ipò ni òfin lè kà. Ẹnìkan lè jẹ́ mánéjà nínú ìwé, kó jẹ́ pé tábìlì ẹlòmíràn ni gbogbo ìwé ìsanwó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń wá mánéjà fún ìtọ́jú ẹ̀rọ. Èèyàn 20 ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀, 150 mílíọ̀nù náírà ni owó ọdún kan, ó sì lè fọwọ́ sí ìnáwó tí kò bá ju mílíọ̀nù 3 lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan dé, mánéjà ni orúkọ ipò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé òun darí òṣìṣẹ́ 45 àti 400 mílíọ̀nù náírà. Ẹ bi í pé: "Nínú àwọn 45 yìí, ìsinmi àwọn wo ni ẹ máa ń fọwọ́ sí? Àwọn wo ni ẹ kọ àbọ̀ iṣẹ́ wọn lópin ọdún?" Ibẹ̀ ni yóò ti hàn pé 39 jẹ́ òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, tí ọ̀gá tiwọn ń darí tó sì ń sanwó fún. Àwọn 6 tó kù nìkan ló ń jíyìn fún un. Iye kọ́ńtíráàtì ni 400 mílíọ̀nù náà, Èkó ni wọ́n sì ti ń fọwọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ kò lè ná ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200 náírà.

Obìnrin kan tẹ̀ lé e, súpáfáísọ̀ lásán ni wọ́n ń pè é. Èèyàn 14 ló wà lábẹ́ rẹ̀, 60 mílíọ̀nù ló ń ná lọ́dún, ó sì ń fọwọ́ sí mílíọ̀nù 2. Ó sún mọ́ iṣẹ́ yìí ju ọkùnrin yẹn lọ. Ẹni tó bá wo orúkọ ipò nìkan kò ní pè é wá rárá.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ń sọ? Ẹ béèrè ìgbà tí owó kò tó, àti ohun tó gé kúrò. Ẹni tí owó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kì í gbàgbé. Yóò sọ pé nígbà tí dísù gbówó lórí, òun sún àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ kejì síwájú, ṣùgbọ́n òun kò fọwọ́ kan owó àwọn páàtì ẹ̀rọ omi, yóò sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó kàn ń kọ ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ yóò sọ pé "ilé-iṣẹ́ dín owó kù." Síbẹ̀, ẹ má kánjú bí ẹnìkan bá ń sọ pé "a ṣe é, a pinnu." Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ pé kó má yin ara rẹ̀. Ẹ rọra bi í pé, "Èwo ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe níbẹ̀?" kí ẹ sì fún un láyè láti dáhùn.

Ẹ béèrè ọdún tó ná owó náà pẹ̀lú. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń lọ, ó ti ju 1,500 lọ. Ẹni tó ná 60 mílíọ̀nù lórí páàtì ilẹ̀ òkèèrè ní 2022 ra ohun tó pọ̀ ju ti ẹni tó ná 100 mílíọ̀nù ní 2024. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí owó náà rà: ẹ̀rọ mélòó, ibùdó mélòó.

Bí iṣẹ́ tuntun bá fi díẹ̀ ju ohun tí ẹni náà ti ṣe rí lọ nínú ọ̀kan péré lára ohun mẹ́ta wọ̀nyí, ó lè kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì jìnnà, ewu ni fún òun àti fún yín. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ kékeré, kí ẹ máa fi kún un bí oṣù ti ń gorí oṣù.

Ẹ má sọ pé kó mú ìwé ìnáwó ilé-iṣẹ́ tó ti kúrò wá. Àṣírí wọn ni, ẹni tó bá sì gbé e fún yín lè gbé tiyín fún ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tó ń jíyìn fún tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ bi ní ìbéèrè mẹ́ta kan náà. Bí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún bá ní orúkọ ipò àti ọdún tó fi ṣiṣẹ́ nìkan làwọn lè sọ, ẹ ní kó darúkọ ẹnìkan tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ rí, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún ẹni tó máa ń fọwọ́ sí ìsinmi rẹ̀.