Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Ìgbà tí Alásè Gbọ́dọ̀ Takété sí Iṣẹ́ Oúnjẹ

Ìtumọ̀
1. Ìtakété ni kí alásè tó ń ṣu gbuuru, tó ń bì tàbí tó ní egbò tó ń ṣọyún kúrò nídìí oúnjẹ títí ewu yóò fi kọjá.
2. Oúnjẹ sísè nìkan kọ́: bíbu oúnjẹ, fífọ abọ́ àti rírẹ́ àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀.
3. Ní ìlú Àkírà ní Gánà, olóúnjẹ ní láti ṣe àyẹ̀wò ìlera kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Àyẹ̀wò ọjọ́ kan ni, kò sì lè sọ bí inú alásè yóò ṣe rí lóṣù tó ń bọ̀. Ìtakété ló dí àlàfo yìí.

Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru
1. Òfin tí wọ́n ń lò ní Bírítéènì ni wákàtí 48 lẹ́yìn tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá ti dá. Kòkòrò àrùn ṣì ń bá ìgbẹ́ jáde lẹ́yìn tí ara bá ti yá.
2. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró kì í pa kòkòrò. Ìgbà tí inú bá dá láìlo oògùn ni kíkà bẹ̀rẹ̀.
3. Àpẹẹrẹ: alásè kan ń bu wáàkyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà, sínú ewé ní òwúrọ̀. Ó bì kẹ́yìn ní Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò sì ṣu gbuuru lẹ́yìn náà. Wákàtí 48 pé ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́; òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ni yóò padà. Bí ó bá tún ṣu gbuuru ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, yóò bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Egbò tó ń ṣọyún
1. Kòkòrò inú ọyún lè pọ̀ sí i nínú oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì tu májèlé sí i. Iná tó pa kòkòrò náà kì í sábà pa májèlé rẹ̀. Nítorí náà, gbígbé ọbẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kan sí i kò tún un ṣe. Ẹni tó jẹ ẹ́ lè máa bì láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà.
2. Bí egbò bá wà lọ́wọ́, bándéèjì tí omi kì í wọ̀ ni a ó fi bò ó, ìbọ̀wọ́ yóò sì bo bándéèjì náà.
3. Bí ọyún bá ń yọ gba abẹ́ bándéèjì, tàbí tí egbò wà níbi tí kò ṣeé bò, alásè yóò takété.

Àìsàn tó ń béèrè ìyọ̀ǹda dókítà
1. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, onígbáméjì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kò dúró lórí wákàtí 48 nìkan. Dókítà ni yóò sọ ìgbà ìpadà.
2. Ní ọdún 2014, onígbáméjì mú èèyàn tó lé ní 28,000 ní Gánà, Àkírà ló sì ti pọ̀ jù.

Ìṣòro
1. Alásè tó ń gbowó ojúmọ́ máa ń pa ìgbẹ́ gbuuru mọ́ra, nítorí ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, kò sówó.
2. Ẹni tó ní egbò lè máa gbowó lọ́wọ́ oníbàárà láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹni tó ń bì kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ilé ni yóò wà, torí òun àti àwọn alásè yòókù jọ ń lo ilé ìyàgbẹ́ àti kẹ́tùlù omi kan náà.