Ẹ Ka Ìròyìn Náà Síwájú Kí Ẹ Tó Ṣí Ìwé Atúmọ̀ Èdè

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tí ẹ wà ní Èkó tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín ní iléèwé, ẹ̀yin tí ẹ wá fẹ́ máa ka ìròyìn Yorùbá fúnra yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti ń gbọ́ èdè náà lẹ́nu àwọn òbí yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìwé ìròyìn, ẹ kò ní ka ìlà mẹ́ta kí ẹ tó kan ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì, fóònù ni ọwọ́ yín yóò sì lọ láti wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ dá ọwọ́ náà dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà ká ro ìtumọ̀ rẹ̀, kí ìwé atúmọ̀ èdè wá ṣe ẹlẹ́rìí lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ìròyìn Yorùbá gan-an ló sọ èyí di dandan.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa ni kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, àwọn mìíràn a sì máa yọ àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò pátápátá. Bí ẹ bá rí “oko” nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ oko tí àgbẹ̀ ń lọ, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀, tàbí ọkọ̀ tó kó èrò. Ìwé atúmọ̀ èdè yóò to gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì lè sọ èyí tí oníròyìn ní lọ́kàn. Ẹni tí kò tíì ro ìtumọ̀ kò mọ ojú ewé tí yóò ṣí. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa náà a tún máa gbé ọ̀rọ̀ orúkọ mì: gbé ẹsẹ̀ lé di gbẹ́sẹ̀ lé, bu ọwọ́ lù di buwọ́ lù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tú “gbẹ́sẹ̀ lé” sí wẹ́wẹ́ yóò rò pé ẹnìkan dúró lórí ilé olówó kan, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba ló gba ilé náà sọ́wọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham ṣe ní ọdún 1958 ṣì wà lára àwọn tó kún jù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí oníròyìn ń lò lónìí, bí ayélujára, ni wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí mo hun fúnra mi, láìsí àmì, bí ẹ ó ṣe bá a nínú ìwé: “Ile ejo giga kan ti wogi le idibo abele ti egbe oselu kan se losu to koja. Adajo ni awon to seto ibo naa ko tele ofin egbe, o si pase pe ki won tun un di laarin ogun ojo. Inu awon olupejo dun, sugbon agbejoro egbe ni awon yoo pe ejo ko-te-mi-lorun.” Ká ní “wogi le” ni ẹ kò mọ̀. Ẹ wo ipò rẹ̀ ná: ó tẹ̀lé “ti”, ìdìbò sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ohun tí ilé ẹjọ́ ṣe sí ìdìbò ni. Kí ni ilé ẹjọ́ lè ṣe sí ìdìbò? Ó lè fọwọ́ sí i, ó lè sún un síwájú, ó sì lè sọ pé kò sí i mọ́. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ti dìbò yìí, kò sì sí ẹni tó ń sún ohun tó ti kọjá síwájú. Adájọ́ ní wọn kò tẹ̀lé òfin, kò lè jẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ó tún ní kí wọ́n dì í lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó fi hàn pé ti àkọ́kọ́ kò dúró mọ́. Inú àwọn tó pe ẹjọ́ dùn, ẹgbẹ́ ló ń lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù: wọ́n fagi lé ìbò náà. Ọ̀nà kan náà ni ẹ ó fi mọ̀ pé “ogun ojo” kì í ṣe ogun tí wọ́n ń jà tàbí ogún tí bàbá fi sílẹ̀, nítorí àkókò ló ń tẹ̀lé “laarin” nínú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀: ogún ọjọ́ ni.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a kò tíì fọwọ́ kan igi tó wà nínú “wọ́gi”. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni. Ní ọdún 1980, àwọn olùwádìí méjì, Clarke àti Paul Nation, gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún irú ìrònú yìí: ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, ẹ wo gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀, ẹ wo àwọn gbólóhùn tó yí i ká, ẹ ro ìtumọ̀, ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà àyẹ̀wò ni wọ́n tó ní kí a tú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìdí ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ojú rí igi yóò máa fi tipátipá wá igi nínú gbogbo ìròyìn náà, yóò sì lọ́ ohun tó kà kó lè bá igi mu. Bí ìtumọ̀ bá ti wà lọ́wọ́, wíwọ́ igi lé nǹkan bá a mu dáadáa, ó sì di ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi “fagi lé” rọ́pò rẹ̀ kí ẹ ka ìròyìn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí gbólóhùn kan bá takò ó, èrò yín kò tọ̀nà.

Àwọn kan ń sọ pé àṣìṣe tí ènìyàn bá fi orí ara rẹ̀ rò a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ìwádìí tí Jan Hulstijn gbé jáde ní 1992 fi hàn pé ìtumọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fúnra rẹ̀ rò jáde máa ń dúró lọ́pọlọ ju èyí tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pẹ̀lú pé àwọn òǹkàwé máa ń rò ó sódì. Ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé kí a fi ìwé atúmọ̀ èdè parí iṣẹ́, kì í ṣe pé kí a jù ú nù. Ìtakò kejì lágbára jù ú lọ: àwọn gbólóhùn kan kì í sọ nǹkan kan fún ni. “Olopaa ba akisale kan ninu ile re” lè jẹ́ ohunkóhun, torí pé èmi ni mo dá “akisale” sílẹ̀, kò sì sí nínú èdè wa. Bí ìyókù ìròyìn kò bá tan ìmọ́lẹ̀ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi agbára rò ó. Bí ìròyìn bá yé yín láìsí i, ẹ fò ó. Bí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé, ẹ wá a nínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrònú kì í ṣiṣẹ́ níbi tí àjèjì ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ jù. Ní ọdún 2000, Hu àti Nation dán an wò pẹ̀lú ìtàn kan ní Gẹ̀ẹ́sì: nígbà tí òǹkàwé kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú márùn-ún, kò sí ẹni tí ó yé tó, ìgbà tó di nǹkan bí ọ̀rọ̀ kan nínú àádọ́ta ni ó tó yé ọ̀pọ̀ wọn. Ìtàn ni wọ́n lò, kì í ṣe ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹ lè fi wọn ara yín. Ẹ ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ fi ìka ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ wá ìròyìn mìíràn lórí ohun tí ẹ ti gbọ́ ní èdè tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ẹ sì máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kan náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ìwọ́gilé, olùpẹjọ́ àti agbẹjọ́rò tí ẹ bá pàdé lónìí, ẹ ó tún bá wọn lọ́la ní ibòmíràn, èyí yóò sì fi hàn bóyá ohun tí ẹ rò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn náà bá jẹ mọ́ oògùn, owó tàbí òfin, tí ẹ sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó gbé e ró nínú ìwé kí ẹ tó fi í ránṣẹ́.