Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Èló Gan-an Ni Èrè Olóbì?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ń rajà nígbà tí ọjà ń gbówó lórí gbọ́dọ̀ fi òwe yìí sọ́kàn, nítorí owó tó wọlé lónìí, ọjà ọ̀la ti ń dúró dè é. Bí a bá ṣe ka owó tí ọjà tí a tà ná wa ni a ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ èrè nínú owó náà.

Ẹ jẹ́ ká fi obì gbàǹja ṣe àpẹẹrẹ, òwò tí a mọ ilẹ̀ Rẹ́mọ mọ́, tí àwọn Hausa tó wà ní Sábó Ṣágámù ti ń bá wa kó lọ sókè Ọya láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà ìkórè, obì a pọ̀, owó rẹ̀ a sì rọjú. Nígbà tó bá yá tí obì di ọ̀wọ́n, ẹni tó ti ṣa tirẹ̀, tó tọ́jú rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tẹ́ nínú, ló ń rí tà.

Ká ní olóbì kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ 10 ní ₦60,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ra 10 mìíràn ní ₦75,000. Nígbà tí obì wọ́n tán, ó tún ra 10 ní ₦90,000. Gbogbo owó tó ná jẹ́ ₦2,250,000. Ó wá ta apẹ̀rẹ̀ 15 ní ₦100,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦1,500,000 sì wọlé. Èló ni apẹ̀rẹ̀ 15 yẹn ná an?

Bó bá ka ti àkọ́rà sí àkọ́tà, yóò ka 10 àkọ́kọ́ àti márùn-ún nínú ti àárín: ₦600,000 àti ₦375,000, àpapọ̀ ₦975,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦525,000. Bó bá ka ti àràkẹ́yìn sí àkọ́tà, yóò ka 10 ìkẹyìn àti márùn-ún nínú ti àárín: ₦900,000 àti ₦375,000, àpapọ̀ ₦1,275,000. Èrè rẹ̀ wá di ₦225,000. Obì kan náà ni, oníbàárà kan náà, owó kan náà ló wọlé. ₦300,000 tó yàtọ̀ kò sọnù. Inú iye tí a kọ sí obì tó ṣẹ́ kù ló wà. Ọ̀nà kìíní kọ ₦1,275,000 sí i, èkejì kọ ₦975,000.

Ibi tí ewu wà nìyí. Bó bá gba ọ̀nà kìíní, tó sì ná gbogbo ₦525,000 tó pè ní èrè, ₦975,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí apẹ̀rẹ̀ kan bá ṣì jẹ́ ₦90,000, 10 péré ló lè rà dípò 15 tó tà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bó bá gba ọ̀nà kejì, tó ná ₦225,000, yóò lè ra 14. Ìyẹn náà kò pé, nítorí márùn-ún nínú èyí tó tà ni a ka sí ₦75,000.

Ẹ má ṣe torí èyí fi ọ̀nà kejì ṣe ìwé tí ẹ máa gbé fún báńkì tàbí àwọn agbowó-orí. Òfin ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 2 ti fòfin de àràkẹ́yìn láti ọdún 2005, òfin yẹn sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Nàìjíríà ń tẹ̀ lé láti ọdún 2012. Amẹ́ríkà ṣì gbà á láyè, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà ọ̀wọ́n, torí pé èrè tó kéré lórí ìwé ń mú owó orí fúyẹ́. Àléébù tirẹ̀ ni pé iye àtijọ́ ló ń kù sórí ọjà tó wà nílé. Bí ọjà tuntun bá sì tán, tí a wá ta ti ₦60,000 ní ₦100,000, èrè yóò ṣàdédé ga lórí ìwé.

Ẹ má sì da ìwé pọ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yòówù tí ẹ fi ṣírò, obì tó pẹ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde, kí kòkòrò tó wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ fi àkọ́rà ṣe ìwé yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ owó ilé, owó aṣọ tàbí owó ọmọ, ẹ bèèrè iye tí apẹ̀rẹ̀ kan jẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye apẹ̀rẹ̀ tí ẹ tà, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀. Fún olóbì wa, 15 ní ₦90,000 jẹ́ ₦1,350,000. ₦150,000 tó kù ni kó kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ àti owó alábàárù nínú rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn ló lè ná láìjẹ pé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dín.