Bí A Ti Í Kọ Ìgbéga Púpọ̀ Lábẹ́ Agbanisíṣẹ́ Kan Ṣoṣo

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-ìwé kan ṣoṣo. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá tọrọ ipò ní ibòmíràn, ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé iwájú àwọn tí yóò yàn án. Ìwé náà ní láti fi ohun méjì hàn wọ́n: pé ẹni náà pẹ́ níbẹ̀, àti pé kò dúró sí ojú kan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wọ ilé-ìwé aládàáni kan ní ọdún 2006 gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Wọ́n gbé e ga lẹ́ẹ̀mẹta, títí ó fi di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ní 2018. Ní 2023 ó tọrọ ipò ọ̀gá ní ilé-ìwé mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò tilẹ̀ pè é kí wọ́n rí i. Nígbà tí ó wádìí, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹni tí ń ti ibi kan bọ́ sí ibi kan. Ẹni tí ó ti lo ọdún 17 lábẹ́ òrùlé kan ni wọ́n kà sí alárìnkiri!

Mo gba ìwé náà wò, mo sì rí àṣìṣe méjì. Èkíní ni pé ó kọ orúkọ ilé-ìwé náà nígbà mẹ́rin, ìgbà kan fún ipò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń yára kà á yóò rò pé iṣẹ́ mẹ́rin ni. Èkejì ni pé ó kọ ọ́ pé ipò àkọ́kọ́ parí ní oṣù Keje 2009, èyí tí ó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ọlidé ni ó wà láàárín, ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò mọ̀, ó dà bí ẹni pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

A tún un kọ. A kọ orúkọ ilé-ìwé náà lẹ́ẹ̀kan péré, a kọ gbogbo ọdún rẹ̀ lápapọ̀ sí iwájú orúkọ náà, a sì to àwọn ipò sí abẹ́ rẹ̀, èyí tí ó dé kẹ́yìn lókè, báyìí:

Orúkọ ilé-ìwé, 2006 di òní (ìgbéga mẹ́ta)
— Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, 2018 di òní
— Alábòójútó àwọn kíláàsì kékeré, 2013 sí 2018
— Olùkọ́ kíláàsì, 2009 sí 2013
— Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, 2006 sí 2009

Ẹ kíyèsí i pé ọdún tí ipò kan parí ni èkejì bẹ̀rẹ̀. Kò sí àlàfo kankan.

Lẹ́yìn èyí ni a kọ gbólóhùn méjì sí abẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan sọ bí ẹrù iṣẹ́ náà ti pọ̀ sí i: nígbà tí ó jẹ́ olùkọ́, ọmọ 32 ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó di alábòójútó, olùkọ́ mẹ́fà ni. Èkejì sọ ohun tí ó mú ìgbéga wá: ó kọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé kà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì fi gbogbo kíláàsì kékeré lé e lọ́wọ́. Ipò àkọ́kọ́ kò gbà ju gbólóhùn kan lọ, nítorí pé ó ti jìnnà. Bí ipò méjì bá sì ní iṣẹ́ kan náà, kí a to orúkọ wọn pọ̀, kí a ṣe àlàyé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ orúkọ ipò ìkẹyìn sí gbogbo ọdún rẹ̀, bí ẹni pé ó ti jẹ́ igbákejì láti 2006. Irọ́ ni, lẹ́tà ìgbéga yóò sì tú u fó. Bí a bá ṣe adelé fún oṣù díẹ̀, kí a kọ ọ́ ní adelé. Bí ilé-ìwé bá sì kàn yí orúkọ ipò gbogbo olùkọ́ padà, tí iṣẹ́ àti owó oṣù kò yí, ìyẹn kì í ṣe ìgbéga. Kí a má kà á mọ́ ọn.

Kí a tó fi ìwé náà ránṣẹ́, mo fi í han ẹnìkan tí kò mọ ẹ̀gbọ́n mi rí. Mo ka ení, èjì, títí dé ogún, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé, “Ọdún mélòó ni ó lò níbẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n gbé e ga?” Ó dáhùn méjèèjì láìṣì. Bí kò bá lè dáhùn ni, à bá tún un tò.

Ní 2024 ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé náà tọrọ ipò mìíràn, wọ́n sì pè é. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Mà, báwo ni ẹ ti ṣe kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní ìwé kíkà?”